Ìdágbére máníjà kan, àti gbólóhùn tí ó kọ̀ láti kọ

Aago méje alẹ́ ti kọjá nígbà tí máníjà kan ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi wọlé, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ lórí apá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Ẹ má fi ojú ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kà á o, ojú ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ fi kà á."

Mo sọ fún un pé ojú kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n kó gbé e wá. Ọjọ́bọ̀ ni, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan gééré kí ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà ìdágbére tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kọ. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni, ó sì hàn pé ìbínú ló kọ ọ́.

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Òun ni máníjà ẹ̀ka tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é, òṣìṣẹ́ 19 ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn olùdarí pinnu pé àwọn yóò gbé apá kan nínú iṣẹ́ ẹ̀ka náà fún agbaṣẹ́ṣe níta. Ó ta kò ó, ó kọ ìwé, ó kó ìṣirò sílẹ̀ fún wọn, wọn ò gbà. Nígbà tó yá, àárín wọn bàjẹ́ débi pé ìpàdé kan kì í parí mọ́ láìsí ariwo. Wọn ò lé e, kò sì fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìpínyà, ó di pé kó máa lọ.

Èmi ni mo tẹ ìwé àdéhùn yẹn jáde, nítorí náà mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó oṣù mẹ́rin ni wọn yóò san fún un, ìdajì lọ́jọ́ tó bá lọ, ìdajì lẹ́yìn 90 ọjọ́ bí kò bá rú àdéhùn. Àdéhùn náà kò sì pọ̀: kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ tàbí àwọn olùdarí, kò gbọdọ̀ fa òṣìṣẹ́ kankan lọ síbi tó bá ń lọ fún oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí iṣẹ́ tí wọn ò tíì kéde. Ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yẹn wà lára ohun tí wọn ò tíì kéde. Àwọn òṣìṣẹ́ 19 tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí, kò sí èyí tó gbọ́ nínú wọn.

Ibẹ̀ ni wàhálà gbogbo wà. Bí máníjà bá ń lọ nítorí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò nira. Ohun tó lé e yìí máa tó dé bá àwọn tó ń kọ̀wé sí, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi ò lè gba gbogbo ohun tí ojú mi rí ní ilé iṣẹ́ yìí láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í sá fún iṣẹ́. Àwọn kan ló ti pinnu pé ọ̀nà mi ò bá tiwọn mu mọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó mọ̀ wọ́n."

Ní ìsàlẹ̀ ó tún kọ pé: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ohun tí wọ́n fi mí ṣe. Nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà. Ibikíbi tí mo bá balẹ̀ sí, àyè yín wà níbẹ̀."

Mo kà á tán, mo ní, "Ó dùn ún kà." Ó rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé ohun mìíràn ń bọ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ mú. "Àyè yín wà níbẹ̀" jẹ́ ìpè, kò sí bí èèyàn ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ sí ohun mìíràn. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 19 bá tẹ̀ lé e lọ láàárín ọdún kan, lẹ́tà yẹn ni lọ́yà ilé iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gbé jáde, ìdajì owó tó kù a sì di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe lágbára tó níwájú adájọ́ kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ dá owó dúró kò gba adájọ́. Ó gé gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ láìjanpata.

"Àwọn kan" ló pẹ́ kó tó gbà. Àwa Yorùbá ló ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Mo ní kó ronú sí òwe yẹn dáadáa. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan ló fẹ́ sọ fún èèyàn 19, odindi 19 ni yóò dà, kò sì sí ọ̀kan tó máa jọra. Mo ní kó dárúkọ ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fura sí bí wọ́n bá ka "àwọn kan". Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọ̀gá ìṣúná ni, nítorí pé òun àti ọ̀gá ìṣúná máa ń jiyàn lójú gbogbo èèyàn nípa owó àfikún wákàtí.

"Ta ló sì gbè ọ́ lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe?"

Ó dákẹ́. Ọ̀gá ìṣúná náà ni. Nínú gbogbo àwọn olùdarí, òun nìkan ló sọ pé ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Lẹ́tà tí ó fẹ́ fi dá ara rẹ̀ láre yóò sì sọ ẹni kan ṣoṣo tó dúró tì í di ọ̀dàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nípa "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ohun tí wọ́n fi mí ṣe", mi ò sọ púpọ̀. Mo kàn ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ, àwọn tí ó kọ ọ́ sí yóò jókòó sídìí iṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún, òun kò sì ní sí níbẹ̀. Kí ni ó fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnì ìparẹ́, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ìpínrọ̀ náà fi lọ lẹ́tà lẹ́tà. Ó lè yan gbogbo rẹ̀ kó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ó fẹ́ rí i bó ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé iṣẹ́ fi lẹ́tà tí àwọn fẹ́ kó fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí i. Lọ́yà ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́, gbólóhùn mẹ́rin péré. Àkọ́kọ́ ní ó ń lọ "láti ráyè gbọ́ ti ẹbí rẹ̀". Ìkejì ní ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùdarí fún àtìlẹ́yìn wọn. Ìkẹta ní òun fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní ọwọ́ tó dára, ọjọ́ iwájú rẹ̀ sì dájú. Ìkẹrin kí gbogbo èèyàn pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn, gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Groupon lé Andrew Mason, ọ̀gá àgbà wọn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2013, gbólóhùn yẹn gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ máa ráyè wà pẹ̀lú ẹbí. Lẹ́yìn náà ló ní àwàdà lòun ń ṣe, wọ́n lé òun lónìí ni. Ó ka àwọn ohun tó bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀, títí kan iye owó ìpín ìdókòwò wọn tó já wálẹ̀, ó ní òun ni yóò dáhùn fún un. Ó gbé lẹ́tà náà síta fún gbogbo ayé kà, ó ní bí òun ò tilẹ̀ gbé e síta, yóò jò síta náà ni.

Máníjà wa rán mi létí lẹ́tà yẹn, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ kọ. Mo ní kò ṣeé ṣe fún un. Wọ́n lé Mason ní gbangba, ohun tó ń sọ kì í ṣe àṣírí, gbogbo ohun tó kà jáde ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ló sì bá wí, kò bá ẹlòmíràn wí. Mo ní, tìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àṣírí ni ìdí tí o fi ń lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ti Mason tí o lè mú: kò purọ́.

Bí a ṣe yọ ọ̀rọ̀ ẹbí kúrò nìyẹn. A yọ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùdarí náà, ó ní òun ò ní bú wọn, ṣùgbọ́n òun ò ní yìn wọ́n. Lọ́yà ò bá a jà lórí ìyẹn.

Ìjà wà lórí ìkẹta.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi gan-an ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. "Mo fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní ọwọ́ tó dára, ọjọ́ iwájú rẹ̀ dájú." Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìdágbére tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ló ní in. Mo ka á bí ẹni ń ka "ẹ kú iṣẹ́".

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni wọ́n máa kéde ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe?"

Mo ní kò ju oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀ lọ.

"Èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi mọ̀. Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá fi orúkọ ara mi kọ ọ́ pé ọjọ́ iwájú wọn dájú?"

Mi ò rí èsì kankan fún un. Ohun tí kò gbọdọ̀ sọ ni àdéhùn kà sílẹ̀. Àdéhùn ò ní kó sọ òdìkejì rẹ̀. Mo lọ bá lọ́yà, mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, àwọn òṣìṣẹ́ yóò fura. Mo ní nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń fura sí, gbólóhùn tí kò sí níbẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá òpin ọ̀sẹ̀, ó wọ Ọjọ́ Ajé, ó wọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Níkẹyìn, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló yanjú rẹ̀: ó ní kí wọ́n fi gbólóhùn náà sínú ìkéde tí ilé iṣẹ́ máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́, kó wà lábẹ́ orúkọ òun. Ó rò pé òun fi ìyẹn fún un ní ohun tó ń fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kékeré kan tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Ó kọ ọ́ pé, "Mi ò lè sọ jù báyìí lọ nípa bó ṣe jẹ́." Lọ́yà ní kí a yọ gbogbo rẹ̀. Èmi ní kó wà, nítorí bí lẹ́tà kò bá fẹnu kan ìdí rárá, ńṣe ló máa ń dà bíi pé òǹkọ̀wé rò pé àwọn tó ń kà á ò ní ọpọlọ. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé kí "lè" jáde. "Mi ò lè sọ" túmọ̀ sí pé wọ́n di ẹnu mi. "Mi ò ní sọ" túmọ̀ sí pé èmi ni mo pinnu. Sílébù kan ṣoṣo, ó sì gba ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù.

Nígbà tí a ti yọ ìyẹn tán, lẹ́tà náà kù bí egungun. Mo wá bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀: bí wọ́n bá ka èyí tán, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa bi ara rẹ̀? Nínú ojú ìwé kan àtààbọ̀ tó kọ́kọ́ kọ, ìdí tí òun fi ń lọ ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó gbọ́ pé máníjà rẹ̀ ń lọ kì í kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé ta ni yóò fọwọ́ sí ìsinmi mi? Àyẹ̀wò iṣẹ́ mi ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún mi lóṣù tó kọjá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ìlérí yìí ló ká a lára jù. Máníjà tó ti pẹ́ lórí àga máa ń ṣe àdéhùn ẹnu púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. A jókòó, ó ń rántí, mo ń kọ. Méje ló jáde. Ẹnì kan wà tó ti sọ fún pé kó máa tètè lọ sílé ní Ọjọ́rú nítorí ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Òmíràn wà tó ti gbà láti dá ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi rẹ̀ tó kù sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta wà lórí ìdánwò tí lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ wọn máa bọ́ sí oṣù kejì. Ó fọwọ́ sí ti àwọn méjì kó tó lọ, ó sì pe ẹnì kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un lójúkojú pé kò tíì tó, ó sì sọ ohun tó kù. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ yẹn yóò gbà títí ayé pé lílọ máníjà ló ba tòun jẹ́. Ẹni tó máa di ipò mú fún ìgbà díẹ̀ fọwọ́ sí mẹ́fà nínú méje. Èyí tí kò fọwọ́ sí ni ìsinmi tí wọ́n fẹ́ gbé di ọdún tó ń bọ̀, òfin ilé iṣẹ́ kò gbà á. Ó lọ bá ẹni tó ni ín, ó tọrọ àforíjì.

Lórí ìdúpẹ́, mo ní kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá dárúkọ mẹ́fà, mẹ́tàlá yóò máa wá orúkọ tiwọn. Nínú irú ìpínyà yìí, orúkọ tó bá wà níbẹ̀ tún lè kó bá ẹni tó ni ín, ẹni tuntun tó bá gorí àga lè kà wọ́n sí "àwọn èèyàn rẹ̀". Ó ronú, ó wá mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí nígbà tó jáde:

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni ọjọ́ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn ní ilé iṣẹ́ yìí. Mo ti sọ ọ́ fún yín lójúkojú láàárọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ ní i lọ́wọ́ ní kíkọ. Mi ò ní sọ jù báyìí lọ nípa bó ṣe jẹ́.

Láti Ọjọ́ Ẹtì, olórí ikọ̀ alẹ́ ni yóò di ipò yìí mú títí ilé iṣẹ́ yóò fi yan ẹlòmíràn. Òun ni kí ẹ kọ̀wé sí nípa ìsinmi, àfikún wákàtí àti ètò ìyípo iṣẹ́. Mo ti parí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún yìí fún gbogbo yín, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yóò fún yín kí oṣù yìí tó parí. Ohun tí mo bá ṣèlérí lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni nínú yín, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Bí ti ẹnì kan bá wà tí mo gbàgbé, kó wá bá mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Mi ò ní gbàgbé òru ọjọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ fún wákàtí 11, tí ẹ fi bébà àti bírò dá àwọn oníbàárà lóhùn di àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dúró.

Ètò ìyípo iṣẹ́ tí mo gbé jáde lọ́dún tó kọjá ni yín lára, ó sì pẹ́ kí n tó fetí sí ohun tí ẹ ń sọ. Àṣìṣe mi ni. Ẹ má bínú.

Ẹ ṣeun púpọ̀."

Àìṣeéṣe ni kí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu, a sì mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sọ fún àwọn olórí ikọ̀ méjèèjì. Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ó pe gbogbo wọn jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago mẹ́wàá ni lẹ́tà tẹ̀ lé e, ìkéde ilé iṣẹ́ sì jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fẹ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó máa lọ, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ti íméèlì rẹ̀ pa, kí ó má bàa ka èsì kankan. Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìbéèrè kò ní rí ẹni bi, àríyànjiyàn á sì gba gbogbo alẹ́ lórí fóònù.

Ibi tí tèmi ti bàjẹ́ wà níbi tí mi ò rò. Mo ní kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì gbogbogbò ẹ̀ka náà, kó má bàa fo ẹnikẹ́ni. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àdírẹ́sì yẹn ní ẹ̀yà mìíràn nínú: ó so mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Lẹ́tà ìdágbére máníjà wọlé bí ẹ̀sùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan, èsì aládàáṣiṣẹ́ ti bọ́ sínú àpótí gbogbo wọn: "A ti gba ẹ̀sùn yín. Òṣìṣẹ́ wa kan yóò dá yín lóhùn láàárín wákàtí 24."

Ó fẹ́ fà á padà. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ní Outlook, kò dájú pé lẹ́tà tí wọ́n bá ti ṣí yóò ṣeé fà padà, ní Gmail ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ó pọ̀ jù tí `Undo Send` ń fún èèyàn. A kàn ní kí wọ́n pa ẹ̀sùn náà rẹ́ lórí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni mo ń ní kí wọ́n tẹ̀ sínú `Bcc`, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ó sì tún ń gbà wá lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ `Reply all` nígbà tí inú rẹ̀ gbóná. Àwọn ọmọ ẹ̀ka náà rẹ́rìn-ín sí èsì ẹ̀rọ yẹn títí omi fi bọ́ lójú àwọn mìíràn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni méjì wá bá a kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan ní ìlérí tó gbàgbé lóòótọ́, a fi kún un, ó di mẹ́jọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kéde ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ. Ẹ̀ka náà gbóná gan-an. Arábìnrin kan tó wà lára àwọn tí ó kàn jókòó síwájú mi, ó ní ó yẹ kí máníjà àwọn ti ta àwọn lólobó, kódà bí owó rẹ̀ á bá lọ sí i. Mi ò bá a jiyàn. Mi ò sì lè sọ fún un pé ó ti gbìyànjú, pé oṣù mẹ́rin ló fi jà á. Ìdajì owó tó kù wọlé fún un nígbà tí 90 ọjọ́ pé, kò sẹ́ni tó rí ohun tí wọ́n máa fi dá a dúró.

Lọ́jọ́ kẹta ìkéde yẹn, olórí ikọ̀ ọ̀sán kan ilẹ̀kùn mi. Bébà méjì ló mú lọ́wọ́. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: lẹ́tà ìdágbére, àti ìkéde ọ̀gá àgbà tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Ó ti fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ gbólóhùn kan nínú ìkéde, ọjọ́ iwájú ẹ̀ka yìí dájú. Nínú lẹ́tà, kò fa ilà kankan.

"Sà, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Mò ń wá ibi tí wọ́n ti parọ́ fún wa."

Mo dúró kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ká èyí tí kò ní ilà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì.